Ìbéèrè Tí Ń Yí Padà: Àyípo Ìwádìí Ẹnu-Iṣẹ́ Nínú Kíláàsì Yorùbá Kan ní Mánṣẹ́sítà

Nínú àwọn kíláàsì Yorùbá tí àwọn òbí máa ń dá sílẹ̀ fún ọjọ́ Sátidé ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣòro kan wà tí kì í pẹ́ kí olùkọ́ tó bá a pàdé. Àwọn ọmọ gbọ́ èdè. Bí a bá ní kí wọ́n dìde, wọn a dìde. Bí a bá pa àlọ́ fún wọn, wọn a rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín wà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n ní ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi dáhùn. Olùkọ́ a pàrọwà, a bá wọn wí, a ṣe ìlérí ẹ̀bùn; ọ̀sẹ̀ méjì kò ní kọjá kí nǹkan tó padà sí bí ó ti wà. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré, nítorí pé ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá tí kò lè fi í fèsì kò ní lè bá ìyá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ju kíkí lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní rí èdè náà sọ sí ọmọ tirẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ìṣòro tí ó ti di bárakú báyìí ni ìwádìí ẹnu-iṣẹ́ wà fún. Ìwádìí ẹnu-iṣẹ́ ni èyí tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe lórí iṣẹ́ ara rẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́, kí ó lè mọ̀ ọ́n dáadáa kí ó sì tún un ṣe. Kò dúró de ọ̀mọ̀wé láti ìta. Kò sì dá iṣẹ́ dúró kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Mánṣẹ́sítà kì í ṣe àjèjì nínú ìtàn ìmọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni a bí Lawrence Stenhouse sí ní ọdún 1926, ẹni tí ìwé rẹ̀ ti 1975 lórí ìwádìí àti ìdàgbàsókè ètò ẹ̀kọ́ fi ẹsẹ̀ èrò kan múlẹ̀ ní ilẹ̀ Bìrìtéènì: pé kò tó kí a máa ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ olùkọ́, àfi kí àwọn olùkọ́ fúnra wọn ṣe é. Àmọ́ orúkọ àti àwòrán àyípo náà dàgbà ju Stenhouse lọ. Kurt Lewin, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tí ó sá kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà ní 1933, ni ó ṣàlàyé rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1946, níbi tí ó ti ń ronú lórí ìbágbépọ̀ láàrin àwọn ẹ̀yà ní Amẹ́ríkà. Ó ní irú ìwádìí yìí ń lọ bí àtẹ̀gùn tí ó ń lọ́ yípo: a ó gbèrò, a ó ṣe é, a ó wádìí ohun tí ìṣe náà bí, a ó sì tún gbèrò láti orí ohun tí a rí. Ní àwọn ọdún 1980, Stephen Kemmis àti Robin McTaggart ní Ọsirélíà sọ ọ́ di ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀ lónìí: ìgbèrò, ìṣe, àkíyèsí, àti àròjinlẹ̀.

Àwòrán ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yìí rọrùn láti há sórí, ìyẹn sì ni ewu rẹ̀. Ẹni tí ó bá kà á lásán yóò rò pé olùkọ́ ti mọ ìṣòro rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, pé oògùn nìkan ni ó ń wá. John Elliott, tí ó bá Stenhouse ṣiṣẹ́, tako kíkà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ ti 1991, ó sì sọ ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí gbogbo olùwádìí ẹnu-iṣẹ́ fi sọ́kàn. Èkínní ni pé ìbéèrè tí a gbé wọlé gbọ́dọ̀ lè yí padà lójú ọ̀nà. Èkejì ni pé ìyọ́lẹ̀wò, ìyẹn wíwo ilẹ̀ kí a tó tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, kì í sì í ṣe kíkó ẹ̀rí jọ lásán. Ó gba ìtúpalẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa padà wáyé nínú àyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹta ni pé ohun tí a gbèrò kì í rọrùn láti mú ṣẹ, nítorí náà a kò gbọdọ̀ ṣe ìdájọ́ àbájáde rẹ̀ àfi bí a bá ti rí i dájú pé a ṣe é ní tòótọ́.

Àpẹẹrẹ kan tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé ni yóò fi bí nǹkan wọ̀nyí ti rí hàn. Olùkọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan pàtó, àwọn iye tí yóò sì jẹ yọ jẹ́ iye àpẹẹrẹ; ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí i ni ó máa ń ṣẹlẹ̀. Kíláàsì rẹ̀ ní ọmọ 11, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 8 sí 11, ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n yá ní Mánṣẹ́sítà, fún wákàtí méjì ní àràárọ̀ Sátidé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni a bí síbẹ̀. Sáà ẹ̀kọ́ kan, ọ̀sẹ̀ 12, ni ó ní fún ìwádìí náà.

Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ ni: «Kí ló dé tí àwọn ọmọ yìí kò fẹ́ sọ Yorùbá?» Ìdáhùn tí ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àwọn òbí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì sí wọn nílé. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí olùkọ́ lè ṣe sí yàrá ìdáná ẹlòmíràn láàrin wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí ẹnu-iṣẹ́ kò níláárí lórí ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ ẹni tí ń ṣe é. Ó ní láti sún ìbéèrè náà wọ inú gbọ̀ngàn: nígbà tí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè níbí, kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Kí ó tó gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ó ní láti gba àṣẹ. Ìlànà ìwà ọmọlúwàbí tí ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Bìrìtéènì gbé jáde béèrè pé kí àwọn òbí mọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí àwọn ọmọ náà sì gbà fúnra wọn ní ìwọ̀n tí òye wọn tó. Olùkọ́ wa kọ lẹ́tà kúkúrú ní èdè méjèèjì, ó sọ ibi tí ohùn náà yóò wà àti ọjọ́ tí yóò pa á rẹ́, ó sì ṣàlàyé fún àwọn ọmọ pé òun Àǹtí ni òun ń wádìí, kì í ṣe àwọn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí kì í ṣe ẹ̀tàn. Òun gan-an ni yóò padà rí ara rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyọ́lẹ̀wò. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó gba ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, ó sì jókòó tì í ní alẹ́ pẹ̀lú bébà tí ó là sí òpó márùn-ún: irú ìbéèrè wo ni mo bi wọ́n, báwo ni mo ṣe pẹ́ tó kí n tó tún sọ̀rọ̀, ta ni ó dáhùn, èdè wo ni ó fi dáhùn, kí ni mo wá ṣe sí ìdáhùn náà. Igi ni ó ń fà, kì í ṣe ìwé ni ó ń kọ. Òpó ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í rántí là, òun ni ó sì wúlò jù níbí.

Ìbéèrè 90 ni ó kà nínú wákàtí kan náà. Nínú wọn, 41 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «ṣé» tàbí «ǹjẹ́», èyí tí «bẹ́ẹ̀ ni» tàbí «bẹ́ẹ̀ kọ́» ti tó ní ìdáhùn. Méjìdínlógójì jẹ́ ti orúkọ: kí nìyí, ta ni, níbo ni. «Báwo» àti «kí ló dé», tí ó lè mú ọmọ sọ gbólóhùn gígùn, kò ju 11 lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi dáhùn 9 nínú wọn. Ti àkókò ni ó yà á lẹ́nu jù. Lẹ́yìn ìbéèrè 70 nínú 90, kò dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó tún un bi, tàbí kí ó pe ọmọ mìíràn, tàbí kí ó dáhùn fúnra rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mary Budd Rowe, tí ó tẹ́tí sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn tí a gbà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1974 pé nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni àwọn olùkọ́ máa ń dúró, àti pé bí wọ́n bá fi í gùn tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ a máa gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ a sì máa sọ̀rọ̀.

Òpó ìkarùn-ún wá fi ohun mìíràn hàn. Ní gbogbo ìbéèrè 90, ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn ní ìgbà 27. Ní 22 nínú wọn, olùkọ́ sọ pé «ó dára», ó sì fúnra rẹ̀ sọ ìdáhùn náà ní Yorùbá kí ó tó kọjá lọ. Ó rò pé àpẹẹrẹ rere ni òun ń fún wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó láti ìhà ọmọ, Gẹ̀ẹ́sì ti ra ohun tí ó fẹ́ rà: ìdáhùn ti wọlé, ìyìn ti wá, iṣẹ́ Yorùbá sì ti di ti olùkọ́.

Ẹ̀rí tí ó ti ẹnu olùkọ́ nìkan jáde kò tó. Láàrin 1973 àti 1975, Elliott àti Clem Adelman darí iṣẹ́ kan pẹ̀lú àwọn olùkọ́ ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gba ẹ̀rí ní ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí olùkọ́ ní òun ṣe, ohun tí àwọn ọmọ rí, àti ohun tí ẹnì kẹta tí ó jókòó wòran sọ. Ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá ara mu ni wọ́n máa ń walẹ̀ sí. Ọgbọ́n yìí ní ìdènà tirẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá. Ọmọ tí a kọ́ pé a kì í tọ́ka àléébù àgbà lójú rẹ̀ kò ní sọ fún Àǹtí pé ẹ kì í dúró dè wá. Bí olùkọ́ bá bi í fúnra rẹ̀, «kò sí nǹkan kan, Àǹtí» ni yóò gbọ́, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀rí ni. Nítorí náà ó bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké pé kí ó bá mẹ́rin nínú wọn jókòó, ní èdè yòówù tí ó bá yá wọn lẹ́nu, kí ó bi wọ́n pé kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí Àǹtí bá béèrè ọ̀rọ̀.

Ohun méjì ni ó jáde. Ọmọ kan ní kò sí ìdí láti wá Yorùbá rẹ̀, torí pé Àǹtí yóò sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀rí òpó ìkarùn-ún nìyí, láti ẹnu ẹni tí kò rí bébà náà rí. Àwọn yòókù sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ kan tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sọ pé òun wọ ọkọ̀ wá, tí ohùn rẹ̀ gbé e sí ọkọ́ tí a fi ń roko. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, olùkọ́ náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí ó tó tún un ṣe. Kò rántí ọjọ́ náà rárá. Àwọn ọmọ kò gbàgbé.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fi pé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ti ṣubú. «Kí ló dé tí wọn kò fẹ́» ti di «kí ni mo ń ṣe tí ó mú kí Gẹ̀ẹ́sì rọrùn jù». Ìṣubú yìí kì í ṣe pé ìyọ́lẹ̀wò kùnà. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Olùkọ́ tí ó bá parí ìyọ́lẹ̀wò pẹ̀lú ìbéèrè kan náà tí ó gbé wọ inú rẹ̀ yẹ kí ó fura bóyá ohun tí ó ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó wá ẹ̀rí fún.

Ìgbèrò àyípo àkọ́kọ́ kò gùn. Yóò dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Yóò dín «ṣé» kù, yóò fi «báwo» àti «kí ló dé» kún un. Kò sì ní túmọ̀ ìdáhùn Gẹ̀ẹ́sì fún wọn mọ́. Ní Sátidé kẹrin, ó dá a lójú pé òun ṣe é. Nígbà tí ó tẹ́tí sí ohùn náà, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́yìn ìbéèrè 12 nínú 15. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn, 4 péré nínú 16 ni ó dúró fún. Àwọn òbí ti ń dé ẹnu ọ̀nà, aago ń lé e, àṣà àtijọ́ sì padà wọlé láìjẹ́ pé ó mọ̀. Sátidé karùn-ún kò yàtọ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ Elliott kẹta ti wúlò. Ká ní olùkọ́ náà kò gba ohùn sílẹ̀ ni, ì bá wo ìdáhùn àwọn ọmọ ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje, ì bá rí i pé kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀, ì bá sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé dídúró kò ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ wa. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò tíì dúró. Ọ̀pọ̀ ìròyìn ìwádìí ẹnu-iṣẹ́ tí ó ní ọ̀nà báyìí báyìí kò wúlò ni kò sọ bóyá wọ́n tọ ọ̀nà náà.

Ó dín ẹrù kù. Dípò kí ó máa dúró ní gbogbo wákàtí méjì, ó yan ìṣẹ́jú 15 tí wọ́n fi ń pa àlọ́, tí ó wà láàrin, tí òbí kankan kì í sì í tíì dé. Ní Sátidé kẹfà àti ìkeje, ohùn jẹ́rìí pé ó dúró lẹ́yìn ìbéèrè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni ìdájọ́ tó tọ́ sí i.

Àbájáde rẹ̀ kò rí bí ó ti rò. Àwọn ọmọ tí ń sọ̀rọ̀ pọ̀ sí i: tẹ́lẹ̀, mẹ́rin ni wọ́n ń dáhùn lemọ́lemọ́, ní báyìí, mẹ́jọ ni ohùn wọn jáde. Ìdáhùn wọn gùn sí i. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè «báwo» àti «kí ló dé» 15, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi dáhùn 12. Gẹ̀ẹ́sì kò dín, ó kàn gùn sí i ni.

Ẹni tí ó ń wá oògùn yóò pe èyí ní òfo. Ẹni tí ó ń ṣe àròjinlẹ̀ yóò padà sí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ sọ, kì í ṣe sí iye. Olùkọ́ náà kọ ìdáhùn 12 náà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe jáde, ó sì fi ìlà sí ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti kúrò ní Yorùbá. Àlọ́ tí ó pa ni ti Ìjàpá tí ó lọ kí àna rẹ̀, tí ó jí ẹ̀bẹ gbígbóná bù sínú fìlà, tí ó dé e sórí, tí orí rẹ̀ sì pá. Ìbéèrè rẹ̀ ni: «Báwo ni Ìjàpá ṣe gbé ẹ̀bẹ náà pamọ́?» Ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ dáadáa pé, «Ìjàpá, ó mú fìlà, ó…», ó dúró, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì parí rẹ̀. Òmíràn ní, «Ẹ̀bẹ gbóná, orí ẹ̀…», ibẹ̀ ni ó sì yà. Mẹ́sàn-án nínú ìlà 12 náà bọ́ sí ibì kan náà: lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ, níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti yẹ kí ó wọlé.

Onímọ̀ èdè kò ní ṣàì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí ń tọ́ka ibi sọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí tán. Yorùbá a máa to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìgbà tirẹ̀: Ìjàpá bu ẹ̀bẹ sínú fìlà, ó gbé e dé orí, ó sáré jáde. Bù ni a ń bu ẹ̀bẹ, a kì í mú un; dídé ni a ń dé fìlà, a kì í wọ̀ ọ́ bí aṣọ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní fìlà, wọ́n ní ẹ̀bẹ, wọ́n ní orí, wọ́n sì ní ilé. Bù, dé, gbé pamọ́, àti pá ni wọn kò ní lẹ́nu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ wọ́n bí wọ́n bá gbọ́ wọn. Ìbéèrè náà tún ti yí padà. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó kù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àkókò nìkan, ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta kò lè bí ohun tí kò sí, ṣùgbọ́n òun ni ó jẹ́ kí a rí i, nítorí pé nígbà tí «ṣé» pọ̀, kò sí ẹni tí ó gùn tó láti dé ibi tí ó ti máa já.

Nínú àyípo kejì, láti Sátidé kẹjọ dé ìkọkànlá, ìgbèrò rẹ̀ yàtọ̀. Kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́fà jáde nínú rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń fi ara ṣe wọ́n: wọ́n ń bu ẹ̀bẹ tí kò sí, wọ́n ń dé fìlà gidi. Lẹ́yìn ìbéèrè, méjì-méjì a kọ́kọ́ sọ ìdáhùn sí ara wọn létí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ síta. Èyí ni ó fi dáhùn ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ọkọ́, nítorí pé àṣìṣe ohùn tí ó bá wáyé létí ọ̀rẹ́ kì í di ẹ̀rín gbogbo ilé. Bí ọmọ bá sì yà sí Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ kì í túmọ̀, kì í sì í bínú. Ó ń fi ọwọ́ ṣe ìṣe náà, ó ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó sì ń dúró.

Ní Sátidé kẹwàá àti ìkọkànlá, ìbéèrè «báwo» àti «kí ló dé» jẹ́ 14, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn 6. Ọmọ mẹ́sàn-án ni ó sọ̀rọ̀. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì yẹ kí ó fura sí ayọ̀ náà. Ó lè jẹ́ pé sáà ń lọ sí òpin ni ara wọn ṣe mókun. Ó lè jẹ́ pé ìyá ẹnì kan wá láti Ìbàdàn ní oṣù náà. Olùkọ́ kan tí ó ní kíláàsì kan kò ní ẹgbẹ́ tí ó lè fi wé tirẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó yọ ohun tí ó fi kún un kúrò kí ó sì wò. Ní Sátidé kejìlá, ó pa àlọ́ mìíràn láìkọ́kọ́ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró, wọ́n sì tún sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì. Nínú ìbéèrè 8, Gẹ̀ẹ́sì padà sínú 6.

Ẹ̀rí ìkẹyìn yìí sọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí wọ́n fi ara kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́, kì í ṣe pé sáà ń lọ. Ó sì jọ pé iṣẹ́ náà kò kọjá àlọ́ tí a ti kọ́ wọn. Ìbéèrè 8 kéré láti fi búra, ó sì yẹ kí ó kọ ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó gbọ́ ohùn náà ní àlọ́ kejìlá tilẹ̀ le ju àwọn tó ṣáájú lọ, èyí tí olùkọ́ náà kò rò. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí yìí fi nílò ọ̀rẹ́ tí kì í pọ́nni lásán.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí irú ìwádìí yìí kò lè sọ. Ní 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ Sẹ́ńtì Sítífẹ́nù «A» ní Modákẹ́kẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ilé-Ifẹ̀, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ọdún mẹ́fà, wọ́n sì fi wọ́n wé kíláàsì tí ó fi Yorùbá ṣe ọdún mẹ́ta kí ó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè tiwọn jẹ́ ti ìlànà ìjọba, wọ́n sì nílò ẹgbẹ́ ìfiwéra àti ọ̀pọ̀ ọdún láti dáhùn rẹ̀. Olùkọ́ Mánṣẹ́sítà kò lè sọ fún ìjọba kankan pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbogbo ọmọ Yorùbá ilẹ̀ òkèèrè ń wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ Ifẹ̀ kò lè sọ fún un ibi tí ọmọ rẹ̀ ti yà kúrò ní Yorùbá nínú àlọ́ Ìjàpá. Ohun tí ó lè fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn ni ìbéèrè tí ó ti dín sí pàtó, bébà olópó márùn-ún, àti ọ̀nà tí ó gbà fi ìlà sí ibi tí gbólóhùn ti já, kí wọ́n lè dán an wò ní kíláàsì tiwọn.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ fún sáà tí ń bọ̀, ìbéèrè àyípo kẹta ti wà níbẹ̀: àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wo ni ó ń jẹ yọ nínú àlọ́ púpọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá mọ̀ wọ́n nínú ọ̀kan, yóò rí wọn lò nínú èyí tí a kò tíì pa fún un? Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to wọn: bù, gbé, fi, mú wá, sá lọ. Lábẹ́ wọn, ó kọ orúkọ àwọn ọmọ méjì tí ohùn wọn kò jáde rárá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.